Ìpínrọ̀ Ìkẹyìn

Ní ọdún 1980, nígbà tí mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní kíláàsì alẹ́ kan ní Agége, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ti ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ ní Ìkejà bọ̀ tààrà, tí eruku òwú ṣì wà ní irun orí wọn, mo fún wọn ní àròkọ kan kọ tí mo ti ń rò lọ́kàn fún ìgbà pípẹ́. Frantz Fanon, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1961, ti sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ìgboro ní ilẹ̀ tí òyìnbó ń ṣe àkóso rẹ̀ ni ayé rọ̀ lọ́rùn jù láàrin àwọn ọmọ onílẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé mìíràn sì tẹ̀lé e, wọ́n ní ẹni tí ń gba owó oṣù ti di ọlọ́lá láàrin tálákà. Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bí ọ̀rọ̀ náà bá rí bẹ́ẹ̀ ní Ìkejà, níbi tí àwọn fúnra wọn ti ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà láàrin wọn tí ìyá rẹ̀ ń ta oúnjẹ ní Agége láti ìgbà tí òun wà ní kékeré. Àròkọ tirẹ̀ ni ó dára jù, títí ó fi dé ìpínrọ̀ ìkẹyìn. Ìfáárà rẹ̀ kúrú, ó sì ṣe tààrà: àwọn kan ní òṣìṣẹ́ ti di ọlọ́lá, òun kò gbà, nítorí pé àpò kan náà ni òṣìṣẹ́ Ìkejà àti ará Agége jọ ń ná. Lẹ́yìn náà ni ó mú wa lọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Olóyè Simeon Adébọ̀ jẹ́ alága rẹ̀ ti dámọ̀ràn pé kí a fi owó kún owó oṣù nítorí ọ̀wọ́n gógó ọjà, tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aládàáni sì ń fà sẹ́yìn láti san án, tí àwọn òṣìṣẹ́ Ìkejà wá daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní ní gbogbo ọjọ́ tí iná kò jó nínú ẹ̀rọ, ìyá òun kò yé fi iná sí abẹ́ ìkòkò. Ó ń bu oúnjẹ ní àwìn, òun ọmọ sì ni ó ń kọ orúkọ àwọn ajigbèsè sínú ìwé. Ó ní onílé wọn náà kò béèrè owó yàrá lóṣù yẹn. Ó sì fi gbólóhùn kan bọ́ àárín, bí ẹni tí kò kà á sí, pé nígbà tí àlékún owó náà dé, gbogbo wọn ni ó san gbèsè, onílé sì fi kún owó yàrá.

Mo mọ̀ pé ohun tí ó kọ kì í ṣe àròsọ, nítorí Adrian Peace, onímọ̀ nípa àwùjọ tí ó ṣe ìwádìí láàrin àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí gan-an, ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1975 pé àwọn ìyálọ́jà, oníṣẹ́ ọwọ́ àti onílé Agége mọ̀ pé owó oṣù Ìkejà ni ó ń sọ̀ kalẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn, tí wọ́n fi wà lẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ìgúnlẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi kà báyìí pé: “Ní ìparí, gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ṣáájú, òṣìṣẹ́ kò ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára tálákà, nítorí pé ohun ìní kan náà ni wọ́n jọ ń pín.” Àpò ti di ohun ìní, jíjọ ná ti di jíjọ pín. Labalábá fi ara rẹ̀ wẹ́yẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ.

Mo fi ọwọ́ bo gbogbo àárín ìwé náà, mo ní kí ó ka ìfáárà, kí ó sì ka ìgúnlẹ̀ tẹ̀lé e. Mo wá bi í pé bí a bá fún ẹnìkan ní ìfáárà yìí nìkan, tí kò mọ̀ pé ìyá kan wà tí ń bu oúnjẹ ní àwìn, ǹjẹ́ kò lè kọ ìgúnlẹ̀ yìí fúnra rẹ̀? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ó lè kọ ọ́, sà.” Ibẹ̀ ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Ìgúnlẹ̀ tí kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú ìrìn tí òǹkàwé ti bá wa rìn, àfi kí a dá a padà sí ẹnu ọ̀nà tí a ti gbéra, ó ti sọ ìrìn náà di asán.

N kò sọ pé àtúnsọ kò ní àyè tirẹ̀. Ẹni tí ń bá èrò sọ̀rọ̀ lẹ́nu géètì ilé-iṣẹ́, tí àwọn kan ń dé, tí àwọn kan ń lọ, tí ọkọ̀ ń fọn fèrè, gbọ́dọ̀ tún kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ kí ẹni tí ó pẹ́ dé má baà lọ lófo. Ṣùgbọ́n ojú ìwé mẹ́rin ni àròkọ yìí. Ẹni tí ó bá ka òpin rẹ̀ kò tíì gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo wá bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Bí ohun tí o ti fi hàn yìí bá jẹ́ òtítọ́, kí ni ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ òtítọ́ tí o kò tíì sọ?” Ó mú ìwé rẹ̀ lọ. Nígbà tí ó padà dé, ó ti kọ ọ́ pé lọ́jọ́ kan, gbogbo òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni yóò ṣáájú gbogbo tálákà láti gba ìjọba. Ó ti sá kúrò nínú àtúnsọ, ó sì ti bọ́ sínú àsọrégèé. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí ó kọ́ kò ju ìkòkò kan, ìwé gbèsè kan àti onílé kan lọ; ilẹ̀ Adúláwọ̀ kò lè wọ inú rẹ̀. Mo ní kí ó fi ìka tọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìgúnlẹ̀ rẹ̀ ti hù jáde nínú àròkọ náà. “Tálákà” rí ibi kan, “òṣìṣẹ́” rí ibi kan, ṣùgbọ́n “gba ìjọba” kò ní gbòǹgbò kankan. Bí ó ti ń wá a kiri ni ìka rẹ̀ dé orí gbólóhùn onílé tí ó fi kún owó yàrá, ó sì dúró níbẹ̀.

Ohun tí ó kọ lálẹ́ ọjọ́ náà nìyí, níwájú mi: “Bí ó bá jẹ́ pé àpò kan ni wọ́n jọ ń ná, a jẹ́ pé àlékún owó kì í dúró lọ́wọ́ ẹni tí a fún. Ní àdúgbò wa, apá kan rẹ̀ san gbèsè ìyá mi, apá kan wọ ọwọ́ onílé kí òṣìṣẹ́ tó ra bàtà. Ìgbìmọ̀ tí ó bá ń fi kún owó oṣù láì bojú wo owó ilé, inú ajádìí agbọ̀n ni ó ń pọn omi sí.”

Kò fi ẹ̀rí tuntun kankan kún un. Gbogbo ohun tí ó lò ti wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí mo fún wọn ti yí padà lọ́wọ́ rẹ̀. Fanon béèrè ta ni owó oṣù sọ di ọlọ́lá. Ọmọ yìí ń béèrè ibi tí owó oṣù ń sùn sí lẹ́yìn tí ó bá ti kúrò ní Ìkejà, ẹni tí kò bá sì ka nípa ìwé gbèsè náà kò lè lóye ìdí tí ó fi béèrè rẹ̀.

Ó ka àròkọ náà fún ìyá rẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì wá sọ fún mi ohun tí màmá sọ. Màmá gbọ́ ọ títí dé ìparí, wọ́n wá ní, “Ṣé ìwọ ò rántí ni? Onílé yẹn náà, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń jẹun.” Ọmọ náà kò tíì jókòó tán tí ó fi bi mí bóyá ìwé ṣì kù tí òun lè kọ nǹkan sí.