Áláàtì Tó Há Sórí Ìlà

Bí áláàtì báǹkì bá pẹ́ kó tó wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé mẹ́séèjì náà ti kúrò lọ́dọ̀ ètò tó gba owó wọlé, tó wà lórí ìlà nínú sáfà, tó ń retí ètò mìíràn tí yóò gbé e lọ sí fóònù oníbàárà. Nínú Kafka, tí wọ́n ṣe ní iléeṣẹ́ LinkedIn kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé ní 2011, irú wàhálà yìí kì í pariwo. Ẹ̀rọ kankan kò kú. Àwọn tó ń rán mẹ́séèjì ń rán, àwọn olùgbà ń gbà, àmọ́ ẹsẹ̀ àwọn olùgbà kò yá tó, àṣẹ́kù sì ń ga sí i. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìkánjú àtirí i kí àṣẹ́kù náà lọ sílẹ̀ sábà máa ń ba nǹkan jẹ́ ju àṣẹ́kù fúnra rẹ̀ lọ. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ ká mọ bí mẹ́séèjì tó kàn ṣe pẹ́ tó lórí ìlà, ká sì mọ ohun tó ń fa olùgbà sẹ́yìn.

Kafka pín ìlà kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀ka, ó sì fún mẹ́séèjì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà nínú ẹ̀ka tirẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùgbà náà máa ń kọ nọ́ńbà tí wọ́n bá dé sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí wọ́n ṣe jìn sẹ́yìn tó yóò tẹ àṣẹ yìí:

```
kafka-consumer-groups.sh --bootstrap-server localhost:9092 \
  --describe --group alaati
```

Yóò rí `CURRENT-OFFSET`, ìyẹn ibi tí wọ́n dé. `LOG-END-OFFSET`, ibi tí ìlà parí sí. Àti `LAG`, ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. `LAG` yìí ni gbogbo ojú máa ń wò, òun nìkan kò sì sọ púpọ̀. Ká sọ pé áláàtì 400 ló ń wọlé ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìlà ní ẹ̀ka 12, tí olùgbà 12 sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Olùgbà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ wá nọ́ńbà fóònù oníbàárà nínú dátábéèsì kó tó fi áláàtì ránṣẹ́. Lọ́jọ́ tí nǹkan dára, áláàtì kan ń gba 0.02 ìṣẹ́jú àáyá, olùgbà kan ń ṣe 50, gbogbo wọn ń ṣe 600. Bí dátábéèsì bá wá ń falẹ̀, tí 0.02 di 0.04, 600 ti di 300 nìyẹn. Áláàtì 100 yóò máa ṣẹ́ kù ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, ó ti di 1,080,000. Oníbàárà kò mọ̀ nípa mílíọ̀nù kankan. Pín in sí 400 tó ń wọlé, wàá rí 2,700 ìṣẹ́jú àáyá: áláàtì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí ti lo ìṣẹ́jú 45 lórí ìlà. Bí ó bá jẹ́ pé 20 péré ló ń wọlé, àṣẹ́kù kan náà yóò túmọ̀ sí wákàtí 15. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iye àkókò ló yẹ kí ìkìlọ̀ máa ṣọ́, kì í ṣe iye mẹ́séèjì.

Ẹni tó gbọ́ èyí lè ní kí wọ́n kàn fi olùgbà 12 mìíràn kún un. Kò ní ràn án. Nínú ẹgbẹ́ kan, olùgbà méjì kì í ka ẹ̀ka kan náà, nítorí náà àwọn 12 tuntun yóò kàn jókòó lásán ni. Ká wá fi ẹ̀ka kún un ńkọ́? Bó bá jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì ni wọ́n fi ń pín mẹ́séèjì sí ẹ̀ka, ìpín náà yóò yí padà: áláàtì àná àkáǹtì kan wà nínú ẹ̀ka kan, tòní bọ́ sí òmíràn, tòní sì lè ṣáájú tàná dé. Kódà ká ní èyí kò dùn wá, dátábéèsì tó ń mí hẹlẹ kò ní yára sí i nítorí pé àwọn tó ń bi í léèrè ti di ìlọ́po méjì. Mo gbà pé ìgbà mìíràn wà tí àfikún olùgbà bọ́gbọ́n mu, bí àpẹẹrẹ bó bá jẹ́ pé ìṣirò inú olùgbà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ gbogbo agbára kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀ka sì ṣì pọ̀ ju olùgbà lọ. Ẹni tó bá ń wọn àkókò tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lórí mẹ́séèjì kan yóò mọ èyí tó jẹ́.

Ewu kan tún wà tó ṣòro rí ju èyí lọ. Olùgbà lè bu mẹ́séèjì tó tó 500 lẹ́ẹ̀kan, `max.poll.records` ló pinnu ìyẹn. Bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá sì kọjá láìjẹ́ pé ó padà wá bu òmíràn, ìyẹn `max.poll.interval.ms`, Kafka yóò gbà pé ó ti há, yóò yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́, yóò sì gbé ẹ̀ka rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Jẹ́ kí dátábéèsì burú débi pé mẹ́séèjì kan ń gba 0.7 ìṣẹ́jú àáyá: 500 yóò gba 350, ó ti ju 300 lọ. Olùgbà ti fi ọ̀pọ̀ áláàtì ránṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì kọ ibi tó dé sílẹ̀ tí wọ́n fi yọ ọ́. Ẹni tó gba ipò rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láti ibi àtijọ́, òun náà yóò sì bá ìṣòro kan náà pàdé. Oníbàárà yóò gba áláàtì owó kan lẹ́ẹ̀mẹta, yóò rò pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n yọ òun lówó. Bí `CURRENT-OFFSET` bá dúró gbagidi nígbà tí ọwọ́ àwọn olùgbà kò dilẹ̀, ibẹ̀ ni kí o wò. Àwọn kan máa ń fa ìṣẹ́jú márùn-ún náà gùn. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ olùgbà tó bá há lóòótọ́ yóò pẹ́ kí a tó mọ̀. Èmi á kúkú dín 500 kù sí 100, kó lè parí láàárín 70 ìṣẹ́jú àáyá.

Bí wọ́n bá wá rí i pé atọ́ka kan ló sọnù nínú dátábéèsì, tí wọ́n dá a padà, tí 600 sì padà dé, àwọn kan á ṣírò pé 1,080,000 yóò tán láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wọ́n gbàgbé pé 400 ṣì ń wọlé. Igba péré ló ń jẹ nínú àṣẹ́kù, nítorí náà wákàtí kan àbọ̀ ni. Ní gbogbo àkókò yẹn, dátábéèsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn ni wọ́n ń fi ìlọ́po kan àti ààbọ̀ iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́, àwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sì ń lò ó pẹ̀lú. Bí ìdáhùn rẹ̀ bá tún ń falẹ̀, ó sàn kí wọ́n dín ìyára àwọn olùgbà kù sí 500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kó gba wákàtí mẹ́ta.

Ẹlòmíràn lè ní kí wọ́n fò ó, pé ta ló ń wá áláàtì tó ti pẹ́? Fún ìlà tó ń sọ ibi tí takisí wà, òótọ́ ni. Ibi tó wà ní ìṣẹ́jú 45 sẹ́yìn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Áláàtì owó tí olè yọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí fífò bá tọ́, kí wọ́n dá gbogbo ẹgbẹ́ náà dúró ná, kí wọ́n lo `--reset-offsets` pẹ̀lú `--dry-run` kí wọ́n lè rí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó fi `--execute` ṣe é. Kafka náà lè fò ó láìbi ẹnikẹ́ni: ọjọ́ méje ló ń tọ́jú mẹ́séèjì bí wọn kò bá yí i padà, àwọn mìíràn sì ti dín in kù sí wákàtí díẹ̀. Bí ó bá pa èyí tí olùgbà kò tíì kà rẹ́, tí `auto.offset.reset` sì wà ní `latest`, olùgbà yóò fò lọ sí ìparí ìlà, `LAG` yóò sì di òdo. Nítorí náà, nígbà tí àṣẹ́kù bá ń lọ sílẹ̀, `CURRENT-OFFSET` ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá ro ti ẹ̀ka méjèèjìlá pọ̀, ó yẹ kó máa fi bíi 600 gòkè ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá fi mílíọ̀nù kan fò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn áláàtì tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni.