Iná Ọ̀nà Ilé Wa Kò Bèèrè Dátà Mọ́

Lóru ọjọ́ kan ní ìsinmi tó kọjá, Ìyá Àgbà dìde láti lọ sílé ìwẹ̀, iná ọ̀nà inú ilé kò sì tàn. Nẹ́pà wà níbẹ̀ o, gílóòbù náà kò sì jó. Dátà inú ráútà wa ló tán ní nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́. Ìyá fẹsẹ̀ kọ korobá omi, wọ́n ṣubú, orúnkún wọn sì wú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Nígbà tí mo sáré dé pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì fóònù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Àjàní, irú iná wo ló ń jẹ dátà?"

N kò rí èsì fọ̀. Èmi gan-an ni mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi ra súwíìṣì ọlọ́gbọ́n náà pẹ̀lú ẹ̀rọ afura tó ń mọ̀ bí èèyàn bá ń kọjá. Látìgbà tí a ti gbé e sí i ni Ìyá kò ti fọwọ́ kan súwíìṣì ara ògiri mọ́, nítorí ó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà yàrá wọn.

Ẹ jẹ́ ká tọ ipa ọ̀nà tí àṣẹ yẹn ń gbà. Ìyá kọjá, ẹ̀rọ afura rí wọn, ó sọ fún ráútà. Ráútà gbé ọ̀rọ̀ náà jáde kúrò n'Ìbàdàn, ó di ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ tó ṣe súwíìṣì náà, lókè òkun. Ibẹ̀ ni òfin tó ní "bí ẹnikẹ́ni bá kọjá, tan iná" wà. Láti ibẹ̀ ni àṣẹ yóò ti padà wá bá gílóòbù tí kò ju mítà mẹ́ta sí ẹ̀rọ afura. Wáì-Fáì kì í sì í ṣe íńtánẹ́ẹ̀tì: bí kò bá tiẹ̀ sí dátà kankan lórí ráútà, àwọn ẹ̀rọ inú ilé ṣì lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ rẹ̀. Ohun tí a kò ní ni ẹni tí yóò jókòó sínú ilé tí yóò máa pàṣẹ.

Mo wá ra Rásíbẹ́rì Páì 4 tòkunbọ̀, kọ̀ǹpútà onípátákó kan ṣoṣo tí kò tóbi ju káàdì báńkì lọ púpọ̀. Nǹkan méjì ni mo gbé sórí rẹ̀. Ọ̀kan ni `Mosquitto`, tó dà bí akígbe ìlú: ohun tí ẹ̀rọ kan bá sọ fún un, yóò kéde rẹ̀ fún gbogbo ẹ̀rọ tó ní òun fẹ́ gbọ́. Ìkejì ni `Home Assistant`, tó di òfin náà mú. Mo wọ inú ráútà, mo fún Páì ní àdírẹ́sì tí kì í yí padà, nítorí bí àdírẹ́sì rẹ̀ bá yí, kò sí ẹ̀rọ tí yóò mọ ibi tí akígbe wà.

Súwíìṣì gan-an ló gba iṣẹ́ jù. Ètò tó bá a wá kò mọ ẹlòmíràn ju ilé-iṣẹ́ tó ṣe é lọ. Mo tú u, mo rí i pé ọpọlọ rẹ̀ jẹ́ ESP8266, mo sì fi `Tasmota` rọ́pò ètò àtijọ́. Kì í ṣe gbogbo súwíìṣì ló ń gbà á, ẹ yẹ inú rẹ̀ wò kí ẹ tó náwó. Ẹ má sì ṣe so ó mọ́ kọ̀ǹpútà yín nígbà tí iná Nẹ́pà wà lára rẹ̀ láéláé. Ó lè pa èèyàn. Orí tábìlì ni mo ti ṣe tèmi, mónámóná àdúgbò wa ló sì gbé e padà sógiri. Ẹ̀rọ afura náà, mo fi òmíràn tó ń lo `Tasmota` rọ́pò rẹ̀.

Láti orí Páì, mo dán ọ̀nà náà wò báyìí:

```
mosquitto_pub -u pai -P asiri -t cmnd/ona_ile/POWER -m ON
```

Iná tàn. Mo yọ káàdì síìmù kúrò nínú ráútà, mo rìn kọjá, ó tún tàn. Mo gbé Páì àti ráútà sórí ínfátà, mo sì fọwọ́ sọ̀yà fún Ìyá pé ó ti parí.

Kò tíì parí. Lọ́jọ́ kan, Nẹ́pà mú iná lọ láti àárọ̀, bátìrì ínfátà sì kú ní bí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán. Nígbà tí iná dé ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀, dátà ti tán, n kò sì kọ́ ibi ara sí i. Ní aago mẹ́wàá, Ìyá kọjá. Òkùnkùn birimùbirimù.

Mo fi fóònù pàṣẹ, iná tàn. Ìyẹn ni pé ọ̀nà dára. Mo wo ẹ̀rọ afura lójú fóònù, ó rí mi bí mo ṣe ń kọjá. Òfin ló ń kọ̀. Láti má fi iná ṣòfò ní ọ̀sán, mo ti fi èyí kún un:

```yaml
conditions:
  - condition: state
    entity_id: sun.sun
    state: below_horizon
```

Kí oòrùn ti wọ̀ ni. `Home Assistant` kò nílò íńtánẹ́ẹ̀tì láti mọ ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ n'Ìbàdàn, ó ń ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmọ́ aago ló fi ń ṣírò. Mo tẹ `date` sórí Páì: ó ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo tẹ `timedatectl`, mo sì rí i:

```
System clock synchronized: no
```

Páì 4 kò ní aago tó ní bátìrì tirẹ̀. Ètò orí rẹ̀ máa ń kọ àkókò sínú káàdì ìrántí ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá lọ tó sì padà dé, ibi tó kọ gbẹ̀yìn ló ti ń bẹ̀rẹ̀, títí íńtánẹ́ẹ̀tì yóò fi tún un ṣe. Mo ti gbé àṣẹ wá sílé, mo sì fi àkókò sílẹ̀ lókè òkun.

Mo ra aago kékeré kan, DS3231, tó ní bátìrì tirẹ̀. Okùn mẹ́rin péré ló so ó mọ́ Páì. Mo yọ `fake-hwclock` kúrò, mo sì kọ èyí sínú `/boot/firmware/config.txt`:

```
dtoverlay=i2c-rtc,ds3231
```

Mo tan Páì padà. Nígbà tí dátà wà, mo tẹ `sudo hwclock -w` kí aago kékeré náà lè gba àkókò tó tọ́. Lẹ́yìn náà mo yọ síìmù, mo pa Páì fún wákàtí kan, mo tún un tàn. `date` sọ òótọ́.

Mo ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún Ìyá, wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Àjàní, ṣé aago ló ń sọ fún ìwọ pé ilẹ̀ ti ṣú ni?"

Mo bojú wo ọ̀nà náà. Kò ní fèrèsé kankan. Lọ́sàn-án gangan, ó ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Gílóòbù wátì 9 tí ń tàn fún ìṣẹ́jú méjì ni mo ń ṣọ́, tí mo fi ń jẹ́ kí òfin náà máa wo oòrùn. Mo pa ìlà mẹ́rin yẹn rẹ́. Iná ẹnu géètì nìkan ló ń lo aago báyìí, nítorí bí òun bá pẹ́ẹ́ tàn, kò sí ẹni tí yóò ṣubú.

Ohun kan ṣì kù. Bí Páì bá kú pátápátá, òfin kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n `Tasmota` ṣì ń gbọ́ràn sí bọ́tìnì tó bá wà lára súwíìṣì, kódà bí Wáì-Fáì kò bá sí. Mo ní kí mónámóná fa okùn bọ́tìnì náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn Ìyá, níbi tí ọwọ́ wọn ń dé láìna apá. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ lálẹ́ kí wọ́n tó sùn, wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.