Rìsíìtì Kútọnu ní Ọjà Ìkòsí: Ẹgbẹ̀rún Tí Ó Sọnù Sínú Àmì Kékeré

Ọjà èso tí ó wà ní Ìkòsí, ní Kétu, kì í ṣe ọjà ilẹ̀ Nàìjíríà nìkan. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ń bá ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ wọlé láti agbègbè Alada ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ápù tí ó ti òkè òkun gúnlẹ̀ sí èbúté Kútọnu sì máa ń tẹ̀lé e nínú ọkọ̀ kan náà. Bí èso bá kọjá bọ́dà, adùn rẹ̀ kò yí padà. Rìsíìtì rẹ̀ náà kò yí padà, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn tí ó kọ ọ́ kì í kọ iye owó bí àwa ṣe ń kọ ọ́.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kọ́mà ni a fi ń ya ẹgbẹ̀rún sọ́tọ̀, àmì ìdánudúró sì ni a fi ń ya kọ́bọ̀ kúrò lára náírà: ₦12,500.00. Ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni a ti jogún èyí. Àwọn tí Faransé kọ́ ní ìwé ń ṣe é ní òdìkejì. Kọ́mà ni wọ́n fi ń ya ìdá kékeré sọ́tọ̀, wọ́n sì ń fi àlàfo tàbí àmì ìdánudúró pín ẹgbẹ̀rún: 12 500 tàbí 12.500. Ìpàdé àpapọ̀ àgbáyé lórí ìwọ̀n tí ó wáyé ní ọdún 2003 gbà pé ẹni tí ó bá wù ú lè lo kọ́mà tàbí àmì ìdánudúró fún ìdá kékeré, ṣùgbọ́n pé àlàfo nìkan ni kí a máa fi pín ẹgbẹ̀rún. N kò tíì rí oníṣòwò kan tí ó gbọ́ nípa ìpàdé náà.

Iṣẹ́ ìwé owó ni mo ń bá àwọn oníṣòwò ṣe ní àdúgbò yìí. Ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ kan ìyá méjì tí wọ́n jọ ń ná owó pọ̀. Ọ̀kan ń lọ ra ọjà ní Kútọnu, èkejì ń tà á ní Ìkòsí, wọ́n sì ń pín èrè sí méjì ọgbọọgba. Ẹni tí ó lọ ra ọjà ya fọ́tò rìsíìtì, ó sì fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ọmọkùnrin kan tí ń bá wọn kọ ìwé lo ètò inú fóònù tí ń ka ọ̀rọ̀ láti inú fọ́tò, ó da ohun tí ètò náà kà sínú Excel, ó sì ṣírò àpapọ̀ iye tí ọjà náà ná wọn. Iye yẹn ni wọ́n fi dá owó títà. Lẹ́yìn tí ọjà tán, owó tí ó yẹ kí wọ́n padà lọ fi ra òmíràn kò pé, ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láàárín ìyá àti ìyá. Ìgbà náà ni wọ́n ké sí mi.

Ohun tí ó wà lórí ìwé náà nìyí. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó apẹ̀rẹ̀ 60, ọ̀kọ̀ọ̀kan 4.500, àpapọ̀ 270.000 F. Owó ọkọ̀ dé Sẹ̀mẹ̀, 45 000 F. Ápù páálí 40, ọ̀kọ̀ọ̀kan 28,50, àpapọ̀ 1.140,00 $. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nínú fọ́tò kan náà, ni ìwé alákọ̀ọ́lẹ̀ tiwa wà: owó ọkọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀ dé Kétu ₦120,000.00, àti owó àwọn alábàárù ₦12,500.00. Owó orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni èyí, ọ̀nà ìkọ̀wé sì jẹ́ mẹ́ta.

Kọ̀ǹpútà tí a tò sí ìlànà tiwa ka 270.000 sí 270 péré, nítorí pé lójú rẹ̀, òdo mẹ́ta tí ó tẹ̀lé àmì ìdánudúró kò ní ìtumọ̀ kankan. Ó ka 4.500 sí 4.5. Ní ti 45 000, kò gbà pé iye ni. Ó gbé e sí ọwọ́ òsì àpótí rẹ̀ bí ẹni gbé ọ̀rọ̀ lásán, iṣẹ́ ìròpọ̀ `SUM` sì fò ó dá láìsọ ohunkóhun. Dọ́là nìkan ni ọmọ náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ dáadáa, nítorí pé ó mọ iye tí páálí ápù ń jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣírò rẹ̀. Iye ìpààrọ̀ tí àwọn ìyá méjèèjì fẹnu kò sí ni ₦2,500 fún ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà, àti ₦1,500 fún dọ́là kan. Ápù jẹ́ ₦1,710,000. Owó ọkọ̀ àti ti alábàárù ní ìhà tiwa jẹ́ ₦132,500. Sẹ́fà jẹ́ 315,000 lápapọ̀, èyí tí í ṣe ₦787,500. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦2,630,000. Nínú ìwé ọmọ náà, sẹ́fà jẹ́ 270, tí í ṣe ₦675, àpapọ̀ sì jẹ́ ₦1,843,175. Ohun tí ó sọnù lé ní ₦780,000, ṣùgbọ́n kò hàn sí ojú, nítorí pé dọ́là ti jẹ́ kí àpapọ̀ náà dà bí owó gidi.

Ọmọ náà kì í ṣe aláìbìkítà. Ó sọ fún mi pé òun yẹ̀ ẹ́ wò: òun fi 60 sọ 4.5 di púpọ̀, ó sì jẹ́ 270 géérégé. Òótọ́ ni ó sọ. Nígbà tí àmì kan náà bá ti gé ẹgbẹ̀rún kúrò lára iye ọ̀kọ̀ọ̀kan àti lára àpapọ̀, ìsọdipúpọ̀ yóò bára mu, àṣìṣe náà yóò sì kọjá ní ẹnubodè láìsí ẹni tí ó dá a dúró. Nítorí náà, kì í ṣe iye tí ó ti wọ inú kọ̀ǹpútà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bí kò ṣe bí a ṣe kọ ọ́ sórí ìwé.

Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, nọ́ḿbà mélòó ni ó tẹ̀lé àmì tí ó kẹ́yìn? Bí ó bá jẹ́ méjì tàbí ẹyọ kan, ìdá kékeré ni. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ẹgbẹ̀rún ni, nítorí pé náírà ní ọgọ́rùn-ún kọ́bọ̀, dọ́là ní ọgọ́rùn-ún sẹ́ǹtì, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tí ìdá rẹ̀ dé nọ́ḿbà mẹ́ta. Bí kọ́mà àti àmì ìdánudúró bá jọ wà nínú iye kan, èyí tí ó kẹ́yìn ni ó ya ìdá kékeré sọ́tọ̀, bí ó ti rí nínú 1.140,00. Sẹ́fà tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: a kì í fi ìdá ná an rárá. Bí mo bá rí 4.5 tàbí 4,50 lẹ́gbẹ̀ẹ́ F, mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ètò náà ṣì í kà, tàbí pé fọ́tò gé òdo kan dànù, mo sì ní láti padà sí ìwé fúnra rẹ̀.

Ìlànà yìí wà fún owó nìkan o. Bí rìsíìtì bá sọ pé èso wọn 1.250 kg, ó lè jẹ́ kílò kan àti ìdá mẹ́rin rẹ̀ ní tòótọ́. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di ẹgbẹ̀rún kan ó lé igba ó lé àádọ́ta kílò ti fi tírélà gbé ohun tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé.

Nínú Excel, kí a tó da ohunkóhun sínú àpótí, a ó kọ́kọ́ yàn án sí `Text`, kí ó má baà fi ọwọ́ kan ohun tí a kọ. Èyí ṣe kókó gan-an: bí 270.000 bá ti di 270, òdo mẹ́ta náà ti lọ, kò sì sí ìlànà ìṣírò tí ó lè mú wọn padà. Lẹ́yìn èyí, irú owó yóò ní àpótí tirẹ̀, XOF fún sẹ́fà, USD fún dọ́là, NGN fún náírà, a ó sì yọ F, $ àti ₦ kúrò lára iye. Fún ìlà tí ó ti Kútọnu wá, mo ń lo èyí:

```
=NUMBERVALUE(SUBSTITUTE(SUBSTITUTE(A2,UNICHAR(160),""),UNICHAR(8239),""),",",".")
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ó ka kọ́mà sí àmì ìdá kékeré, kí ó sì ka àmì ìdánudúró sí ìpín ẹgbẹ̀rún. 160 àti 8239 jẹ́ irú àlàfo méjì tí àwọn ètò Faransé ń tẹ̀ sáàárín nọ́ḿbà. Ojú kò lè yà wọ́n kúrò lára àlàfo lásán, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ń yà wọ́n. Fún ìlà tiwa, àmì méjì tí ó kẹ́yìn yóò pààrọ̀ ipò:

```
=NUMBERVALUE(A2,".",",")
```

Ẹ kíyè sí i pé ìwé alákọ̀ọ́lẹ̀ tiwa náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Ìlà òòró kan ni ó ya ₦ àti K sọ́tọ̀ níbẹ̀. Bí ètò náà kò bá rí ìlà yìí, 12,500 àti 00 yóò lẹ̀ mọ́ra, yóò di 12,50000. Bí ó bá sì rí i, ó lè pè é ní 1. Kọ́bọ̀ kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ṣùgbọ́n òdo rẹ̀ méjì ṣì lè sọ alábàárù di olówó.

Mo tún sọ fún ìyá tí ń lọ sí Kútọnu pé kí ó máa fi fọ́tò ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí `Document`, kì í ṣe bí fọ́tò lásán, nítorí pé WhatsApp ń fún fọ́tò pọ̀ kí ó lè fúyẹ́, ìrù kọ́mà sì wà lára ohun tí ń kọ́kọ́ parẹ́. Kí ó sì ya ìsàlẹ̀ ìwé náà pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni àwọn olùtajà tí Faransé kọ́ ní ìwé sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ kọ àpapọ̀ owó sí, bí ìwé sọ́wédowó. Ẹni tí kò gbọ́ Faransé rárá lè wá `mille` níbẹ̀. Òun ni wọ́n ń pe ẹgbẹ̀rún. Ó wà lórí rìsíìtì tí ó dá ìjà sílẹ̀ yìí. Fọ́tò ni ó gé e kúrò.

Àwọn ìyá náà gbà pé kò sí ẹni tí ó jí owó. Wọ́n pín àdánù náà sí méjì, bí wọn ì bá ṣe pín èrè.

Ọ̀ràn kan ṣẹ́kù tí kíka àmì kò lè yanjú. Àwọn tí Faransé kọ́ ní ìwé ń fa orí nọ́ḿbà 1 gùn débi pé ó jọ 7 lójú wa. 7 tiwọn ni ó ní ìgbànú ní àárín. Nínú fọ́tò tí ó tẹ̀lé e, ètò fóònù ka 1.140,00 sí 7.140,00. Níbí ni ìsọdipúpọ̀ tí ó tan ọmọ náà jẹ nígbà àkọ́kọ́ ti wúlò: páálí 40 lọ́nà 28,50 kò lè jẹ́ 7.140 láéláé. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó rí i, kí ó tó fi ìwé hàn mí.