Bí iṣẹ́ kan bá ti bọ́ sọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká tètè sọ fún àwọn yòókù

Ní Tokpota níbí, l'Àjàṣẹ́, kí ilé-ìwé tó wọlé ní oṣù kẹsàn-án, àwa olùkọ́ tí wọ́n ń sanwó wákàtí fún máa ń fi ìwé ìwáṣẹ́ sí kọlẹ́ẹ̀jì aládàáni mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìyẹn ò burú.

Lọ́dún kan, ọjọ́ Ajé la fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní kọlẹ́ẹ̀jì kan. Kọlẹ́ẹ̀jì kejì ṣì ń fi wákàtí Faransé dè wá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a kọ́kọ́ pe ọ̀gá wọn, torí lẹ́tà lè sùn sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà la gbé lẹ́tà lọ fúnra wa:

«Ọ̀gá wa, ẹ ṣeun tí ẹ yẹ ìwé wa wò. A ti gba iṣẹ́ níbòmíràn lánàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ orúkọ wa kúrò nínú àwọn tó ń wá iṣẹ́ olùkọ́ Faransé lọ́dọ̀ yín.»

A ò dárúkọ ilé-ìwé kejì, a ò sì sọ iye owó. Ẹ̀dà méjì la tẹ̀: wọ́n gba ọ̀kan, wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sórí èkejì fún wa. Ọ̀gá náà ráyè pe ẹni tó tẹ̀ lé wa kí òun náà tó rí iṣẹ́ síbòmíràn.

Àmọ́ ẹ má fa ìwé yín yọ nítorí ìlérí ẹnu. Ẹ fọwọ́ sí àdéhùn ná.