Àmì Ohùn Kan Láàárín Ọ̀rẹ́ Méjì

Láti ìgbà tí ìyá mi àti Ìyá Ìbejì ti jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́. Nígbà tí Ìyá Ìbejì ṣubú, tí ó fi ẹsẹ̀ ṣẹ́, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni ìyá mi ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ní ọ̀sẹ̀ keje, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé lórí Wọ́sáàpù:

"Ma wa lojo Eti. Ese mi ti n gbadun."

Ohun tí ìyá mi kà ni "Má wá." Kò fèsì. Ó ní ara ọ̀rẹ́ òun ti yá, kò sì nílò òun mọ́. Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì pé, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ sí ilé àbúrò rẹ̀.

Ohun tí Ìyá Ìbejì kọ ni "Màá wá." Ó fi ọ̀pá tilẹ̀ gun ọ̀kadà, ó kó àwo ìyá mi tí ó ti fọ̀ dání, ó sì fi iṣu kún un, nítorí a kì í dá àwo padà lófo. Àgádágodo ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Lójú tirẹ̀, ẹni tí ó ti sọ fún pé òun ń bọ̀ ló sá fún òun.

Kò sí ẹni tí ó pe ẹnì kejì. Nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ Ìyá Ìbejì kù díẹ̀, Táyé ni ó rán láti gbé aṣọ ẹbí wá. Ìyá mi dá aṣọ náà padà.

Ọjọ́ náà ni mo ní kí ìyá mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà hàn mí. Mo kà á sókè lọ́nà méjèèjì. Wọ́n dákẹ́ pẹ́, kí wọ́n tó pe ọ̀rẹ́ wọn.

"Ṣé 'màá wá' lo kọ ni?"

"Kí ni ìwọ wá kà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì fi kún un pé, "Ẹsẹ̀ tí ó ń dùn mí ni mo fi dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ." Ìyá mi bẹ̀ ẹ́.

Lẹ́nu, ohùn ìsàlẹ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ "màá" kò lè jẹ́ kí a ṣì í gbọ́. Lórí fóònù, bí a bá yọ àmì ohùn, tí a sì gé "maa" kù sí "ma," ìlérí àti ìkìlọ̀ á di ọ̀kan náà. Ẹni tí ó bá tẹ lẹ́tà "a" mọ́lẹ̀ díẹ̀ yóò rí "à" àti "á" yàn. Bí ìkánjú bá wà, "mo n bo" kò jọ "ma se wa" rárá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì dùn nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ fi ohùn mìíràn kà á, bóyá ìtumọ̀ kejì yóò bá ìwà ọ̀rẹ́ rẹ̀ mu ju ti àkọ́kọ́ lọ.