Ọ̀rọ̀ Kan, Ẹ̀sìn Mẹ́ta

Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé Yorùbá ní Lòmé, Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti ẹni tí ń bọ òrìṣà lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn bá fẹ́ di àríyànjiyàn láàárín wọn, àgbàlagbà kan kì í pẹ́ sọ pé Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wa ń sìn, kí á jọ̀wọ́ jẹun. Ọ̀rọ̀ náà ń tún ilé ṣe, àwa kò sì ní bá àgbà jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwa díẹ̀ tí a jọ ń kàwé ní ọ̀sán Sátidé gbà láti ṣe àkékúrú ìwé kan lórí ẹ̀sìn fún àwọn ọ̀dọ́ wa, ní èdè Yorùbá àti ní Faransé, ó hàn sí wa pé ọ̀rọ̀ tí ń pa iná ìjà kò tó láti ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni gbà gbọ́.

Ìwé tí a ń wí ni èyí tí J. D. Y. Peel kọ lórí ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì, ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ẹ̀sìn òrìṣà láàárín àwọn Yorùbá. Ó jáde ní 2016, lẹ́yìn tí òǹkọ̀wé náà ti kú ní 2015. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni Peel, ó ti kọ́ni ní Ifẹ̀ rí, ó sì lo ohun tó lé ní àádọ́ta ọdún lórí ìtàn ẹ̀sìn wa. Apá tí a yàn nínú ìwé náà ni ibi tí ó ti ń dá Brian Larkin àti Birgit Meyer lóhùn. Àwọn méjèèjì ti kọ àpilẹ̀kọ kan ní 2006, nínú èyí tí wọ́n sọ pé àwọn ìjọ Pẹ́ntíkọ́sì àti àwọn Mùsùlùmí alátùn-únṣe ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jọra ju bí wọ́n ti rò lọ: àwọn méjèèjì ń gbógun ti àṣà ìbílẹ̀, àwọn méjèèjì ń pe ènìyàn láti yí ìgbé ayé rẹ̀ padà, àwọn méjèèjì sì mọ bí a ti ń lo rédíò, kásẹ́ẹ̀tì àti fídíò.

Peel kò sẹ́ pé wọ́n jọra. Ẹni tó bá mọ NASFAT, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1995, yóò mọ̀ pé ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń péjọ fún àsàlátù, àti pé wọ́n ní ilẹ̀ àdúrà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí àwọn ìjọ Pẹ́ntíkọ́sì pẹ̀lú ní ibùdó ńláńlá. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé, ìṣòro kan náà ni wọ́n ń bá yí, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ ọgbọ́n lára ara wọn. Ohun tí Peel béèrè ni èyí: níbo ni olúkúlùkù wọn máa ń padà sí nígbà tí ó bá ń wá àṣẹ fún ohun tí ó ń ṣe? Alátùn-únṣe ẹ̀sìn Ìsìláàmù ń padà sí ìgbà Ànábì Muhammad àti àwọn ìran àkọ́kọ́, níbi tí òfin àti ètò ìlú kò ti yà kúrò lára ìjọsìn. Ọmọ ìjọ Pẹ́ntíkọ́sì ń padà sí ọjọ́ tí Ẹ̀mí Mímọ́ bà lé àwọn àpọ́sítélì, agbára Ẹ̀mí náà ni ó sì ń fẹ́ kí ó ṣiṣẹ́ lónìí nínú ara rẹ̀, nínú ilé rẹ̀ àti nínú òwò rẹ̀. Àdúgbò mú kí wọ́n jọra. Ohun tí olúkúlùkù jogún lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n di ọ̀kan. Àwa gbà pẹ̀lú Peel níhìn-ín.

Láti mọ̀ bóyá àkékúrú wa pa ìyàtọ̀ rẹ́, a wá ìdánwò kan. A mú gbólóhùn kan, a yọ orúkọ ẹ̀sìn tó wà nínú rẹ̀, a sì fi òmíràn rọ́pò. “Ẹ̀sìn Ìsìláàmù ń kọ́ ènìyàn ní ìwà rere àti ìfẹ́ ọmọnìkejì.” Ẹ fi ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì síbẹ̀, kò yí padà. Ẹ fi Ifá síbẹ̀, kò yí padà síbẹ̀síbẹ̀. Irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tíì sọ ohun kankan nípa ẹ̀sìn tí ó dárúkọ. A rí i pé ó sàn kí á mú ọ̀rọ̀ kan tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń lò, kí á sì bi olúkúlùkù léèrè ohun tí ó ń fi ṣe. Peel kọ́ ni ó yan ọ̀rọ̀ náà fún wa; àwa ni a mú un: ẹbọ.

Lọ́dọ̀ babaláwo, ẹbọ kì í ti ọwọ́ ẹni tí ń rú u bẹ̀rẹ̀. Ikin tàbí ọ̀pẹ̀lẹ̀ ni ó ń mú odù jáde, odù ni ó ń sọ ohun tí ẹni tó wá dáfá ń kojú, ẹsẹ Ifá sì ń sọ ohun tí a ó fi rúbọ. Ó lè jẹ́ ẹyẹlé, ó lè jẹ́ iṣu, ó lè jẹ́ aṣọ tó wà lọ́rùn ẹni náà. Ẹbọ yìí ní iṣẹ́ kan pàtó. Ó ń mú kí ikú, àrùn àti òfò yẹ̀ lórí ẹni, tàbí kí ire tó ti fẹ́ẹ́ dé má ṣe padà lọ́nà. Èṣù ni ó ń gbé e dé ọ̀run, ìdí nìyí tí a fi ń yọ ìpín tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Bí ẹbọ bá fín, a rí i nínú ayé: aláìsàn dìde, àgàn bímọ. Ẹni tí wọ́n bá ní kó rúbọ tí kò rú u mọ̀ ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ.

Nígbà tí a túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, iṣẹ́ tó parí ní 1884, tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther sì kó ipa ńlá nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n lò. Ẹbọ ni wọ́n pe ohun tí àwọn àlùfáà Ísírẹ́lì ń rú, ẹbọ náà ni wọ́n sì pe ikú Jésù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yí padà. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni ó pèsè ẹbọ náà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni ó wà fún, kì í ṣe àìsàn tàbí òfò. Ìwé Hébérù sì tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a rú u, kò sí àtúnrú. Òun náà sì ni ó fòpin sí gbogbo ẹbọ ẹran. Kírísítẹ́nì tó bá kọ̀ láti gbé ẹbọ lọ sí oríta kò ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò ka ẹbọ sí. Ó gbà pé èyí tó kù kí á rú ti parí.

Mùsùlùmí Yorùbá ńkọ́? Nínú ìtumọ̀ Àlùkùránì sí èdè wa, ọ̀ṣẹbọ ni orúkọ ẹni tí ń fi nǹkan mìíràn ṣe akẹgbẹ́ fún Ọlọ́run, ẹbọ sì ni orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà, èyí tó burú jù lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Mùsùlùmí kan náà yóò pa àgbò ní Iléyá, tí àwọn ará Lòmé ń pè ní Tábásíkì. Kò ní pè é ní ẹbọ. Ìrántí Ànábì Ibrahim ni. Nínú ìlànà Máálíkì, tí ó gbilẹ̀ ní ẹkùn wa, sunna tí a tẹnu mọ́ gidigidi ni fún ẹni tí agbára rẹ̀ ká a, kì í ṣe ọ̀ranyàn. Súrà 22, ẹsẹ 37, sọ ọ́ kedere pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ kò dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run. Ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lọ́kàn ẹni ni ó ń dé ibẹ̀. Ẹran náà di jíjẹ, a sì pín in fún ẹbí àti fún aláìní. Bí ó bá sì jẹ́ pé ó fẹ́ fi nǹkan tọrẹ nítorí àlá burúkú tàbí àìsàn, sàráà ni yóò ṣe, ọ̀rọ̀ tó ti inú èdè Lárúbáwá wá.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kan náà ni orúkọ ìwòsàn lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́, orúkọ ìgbàlà lọ́dọ̀ ẹni kejì, àti orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ tó ga jù lọ́dọ̀ ẹni kẹta. Kò sì tán síbẹ̀. Súrà 4, ẹsẹ 157, sọ pé wọn kò kan Ànábì Isa mọ́ àgbélébùú. Ẹbọ tí gbogbo ìgbàgbọ́ Kírísítẹ́nì dúró lé lórí jẹ́ ohun tí Mùsùlùmí gbà pé kò ṣẹlẹ̀ rárá. Èṣù tí ń gbé ẹbọ babaláwo dé ọ̀run, òun ni Bíbélì Yorùbá fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀tá Ọlọ́run, àwọn Mùsùlùmí wa sì ń lò ó bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá sọ pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń rúbọ sí Ọlọ́run kan náà ti fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọn kò sọ.

Kì í ṣe pé orúkọ Èṣù ni ó di dandan kí wọ́n lò. Àwọn aládùúgbò wa tí ń sọ èdè Éwé ní Legba, tí ó fara jọ Èṣù púpọ̀, ṣùgbọ́n Abosam ni àwọn míṣọ́nnárì láti Bremen ní Jámánì àti àwọn Éwé tó bá wọn ṣiṣẹ́ pe Sátánì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Àkáànì. Birgit Meyer yìí kan náà ni ó kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1999. Ó sì fi hàn pé bí wọ́n tilẹ̀ dá Legba sí nínú orúkọ, wọn kò dá a sí nínú ìwàásù: gbogbo òrìṣà Éwé ni wọ́n kà sí ìránṣẹ́ Abosam.

Àṣìṣe kejì tún wà tó ń pa ìyàtọ̀ lára, òun kì í sì í tètè hàn. Òǹkọ̀wé a mú ohun tó dára jù nínú ìwé ẹ̀sìn tirẹ̀, a fi wé ohun tí ó rí lójú pópó nínú ẹ̀sìn ẹlòmíràn. Bí a bá fi Ìwé Hébérù wé ohun tí a rí ní oríta, a kò tíì fi ẹ̀sìn wé ẹ̀sìn. Ìwé Hébérù àti ẹsẹ Ifá ni kí á fi wéra; kí á sì fi Kírísítẹ́nì tí ń gbé òróró àdúrà wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wé oníbàárà babaláwo tí ń sin ẹbọ rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ní ibi kejì yìí ni a ti ń rí i pé àwọn ènìyàn jọra ju ẹ̀sìn wọn lọ, àti pé ẹni tí kò lè pe nǹkan ní ẹbọ láéláé lè máa ṣe sàráà fún ohun tí ìyá rẹ̀ àgbà ń rúbọ fún. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ̀wé bí ẹni pé ògiri ló wà láàárín àwọn ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè ṣàlàyé bí wọ́n ti ń jọ gbé nínú agbo ilé kan.

Ẹ̀dà Faransé ni ó fún wa ní iṣẹ́ jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, sakirifíìsì, ni Faransé ń lò fún àgbò Tábásíkì, fún ikú Jésù, fún Mísà àti fún adìyẹ tí a pa níwájú òrìṣà. Èdè wa ti yà wọ́n sọ́tọ̀, Faransé tún ń dà wọ́n pọ̀. A fi ẹbọ, sàráà àti Iléyá sílẹ̀ ní Yorùbá nínú ẹ̀dà náà, a sì ṣàlàyé ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá jáde. Lẹ́yìn náà, a fún Mùsùlùmí, Kírísítẹ́nì àti babaláwo kan ní ìpínrọ̀ tó sọ nípa olúkúlùkù wọn, láti mọ̀ bóyá yóò dá ara rẹ̀ mọ̀ nínú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ti Kírísítẹ́nì ni kò tètè kọjá, nítorí pé inú ẹ̀sìn kan náà ni ìyàtọ̀ ti jáde. Ọmọ ìjọ Kátólíìkì láàárín wa kò gbà kí á kọ ọ́ pé ẹbọ ti parí kí á sì dúró síbẹ̀, nítorí pé Ẹbọ Mísà ni òun ń lọ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú: ẹbọ Kálífárì kan náà ni, tí ó wà níwájú ìjọ láìsí ẹ̀jẹ̀. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dáhùn pé ìrántí àti ọpẹ́ ni oúnjẹ Olúwa, pé a kò rú nǹkankan mọ́ lórí pẹpẹ. Sátidé méjì ni a lò lórí gbólóhùn kan yẹn. Ní ìgbẹ̀yìn, a kọ ọ́ ní gbólóhùn méjì, a sì fi orúkọ ìjọ tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan síwájú rẹ̀.