Kì í Ṣe Gbogbo Ìdíwọ́ Ni Àmúwá Ọlọ́run

Ìlà kan ṣoṣo nínú fáìlì ìtumọ̀ áàpù wa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kó ìyá wa sí gbèsè:

```
"force_majeure": "Àmúwá Ọlọ́run"
```

Àwa la kọ ọ́. Àwa méjì là ń ṣe áàpù kan fún àwọn ìyá elépo ní Òde-Ayé, kí wọ́n lè ka ìwé àdéhùn ní Yorùbá lórí fóònù kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Àdéhùn àkọ́kọ́ wá láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan tó ń ṣe ọṣẹ l'Ékòó: kẹ́ẹ̀gì epo pupa 40 lóṣooṣù, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan lítà 25, fún ọdún kan. Oṣù tí epo ò bá pé, ẹni tó ń tà á ni yóò san owó ìtanràn.

Ìyá wa gbé awò sójú, wọ́n kà á, inú wọn dùn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ṣé o. Tí ẹ́ńjìnnì tá a fi ń fún epo bá bàjẹ́, àmúwá Ọlọ́run náà nìyẹn. Mi ò ní san kọ́bọ̀."

Àyà wa já. Nínú Yorùbá tiwa, kò sóhun tí kò lè wọ inú àmúwá Ọlọ́run, láti orí ikú dórí táyà tó bẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí wọn ò tún ṣe lásìkò, ẹlẹ́ńjìnnì ló ni ẹjọ́ rẹ̀.

Ohun tí fọ́ọ̀sì màjọ́ọ̀ ń sọ nìyí. Bí nǹkan kan tí kò sí lábẹ́ agbára mi bá ṣẹlẹ̀, tí mi ò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tó sì dí mi lọ́wọ́ láti kó ọjà wá, a ò ní kà á sí pé mo da àdéhùn, níwọ̀n ìgbà tí ìdíwọ́ náà bá ṣì wà. Àdéhùn ò kú o, ó kàn dúró díẹ̀ ni. Nínú ìwé tiwa, tó bá ju ọjọ́ 60 lọ, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lè fòpin sí i.

Ìtumọ̀ wa tún ṣìnà lápá kejì. Ìwé Òyìnbó náà ka ogun, ìdaṣẹ́sílẹ̀ àti òfin ìjọba mọ́ omíyalé. Èwo nínú àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ni Ọlọ́run mú wá? Ẹni tó bá ka ìtumọ̀ wa lè rò pé bí àwọn awakọ̀ bá daṣẹ́ sílẹ̀, òun ṣì máa san ìtanràn.

Ẹ wo Bọ́nì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, omi bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ní gúúsù Nàìjíríà. Àwọn tó ń fa gáàsì fún iléeṣẹ́ NLNG kọ̀wé pé fọ́ọ̀sì màjọ́ọ̀ ti dé, NLNG náà sì kọ tirẹ̀ sí àwọn tó ń ra gáàsì lọ́wọ́ ẹ̀. Òjò rọ̀ púpọ̀ lọ́dún yẹn lóòótọ́, àmọ́ wọ́n tún tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Lágídò ní Kamẹrúùnù. Ọlọ́run ni àbí èèyàn? Ẹni tó kọ "àmúwá Ọlọ́run" máa jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó kọ "ohun tó ju agbára olùtajà lọ" ò ní wàhálà yẹn rárá.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ibẹ̀ náà wúwo. Ìwé náà ní kí nǹkan "dí" olùtajà lọ́wọ́, àwa kọ "bí ó bá ṣòro". Ọ̀tọ̀ ni kó má ṣeé ṣe, ọ̀tọ̀ ni kó nira. Bí ẹyìn bá di ìlọ́po méjì owó lọ́jà, ó nira, ṣùgbọ́n epo ṣì ń jáde. Kódà níbi tí àdéhùn bá ti gba ìnira láyè, ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ lọ́dún 1917, nínú ẹjọ́ Tẹ́nánítì àti Wílísìn, pé kí owó ọjà kàn gbówó lórí ò tó àwáwí.

Ẹnì kan ní ká kúkú yọ gbólóhùn náà kúrò. Ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí Tógò, ìyẹn ò bá má fi bẹ́ẹ̀ burú, torí òfin fúnra rẹ̀ mọ fọ́ọ̀sì màjọ́ọ̀. Ní Nàìjíríà, ohun tó bá wà nínú ìwé ni wọ́n máa ń kà.

Ohun tá a wá kọ nìyí:

```
"force_majeure": "Ìdíwọ́ tó ju agbára ẹni lọ"
```

Lábẹ́ ẹ̀, a to àwọn nǹkan tó wà nínú rẹ̀: omíyalé, ogun, ìdaṣẹ́sílẹ̀, òfin ìjọba. A wá fi ìlà kan kún un, tí ìwé Òyìnbó ò kọ, a sì sàmì sí i pé àlàyé tiwa ni: ẹ́ńjìnnì tó bàjẹ́ àti ọjà tó wọ́n kò sí nínú ẹ̀.

Ìyá wa tún un kà. Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n fìka sórí ibi tó ní kí olùtajà fi lẹ́tà sọ fún oníbàárà láàárín ọjọ́ 7, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àǹfààní náà ti bọ́.

"Tí omi bá ti bo ọ̀nà, ta ló máa gbé lẹ́tà lọ?"

A pe oníbàárà náà. Ó gbà kí àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù dúró fún lẹ́tà. Ti ẹ́ńjìnnì, kò gbà. Ìyá wa ní kò burú, wọ́n ní kí wọ́n dín kẹ́ẹ̀gì kù sí 30, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀ ọ́.